Bí a ṣe ń ṣírò àdínkù ìwúwo àti agbára ìsopọ̀ kókó átọ́mù: irin-56 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní òṣùwọ̀n kan wà tó lè wọn ohun tó kéré bí púrótọ́ọ̀nù. A kó púrótọ́ọ̀nù 26 àti niútírọ́ọ̀nù 30 lé e lórí, kálukú wà lọ́tọ̀, a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a wọn kókó átọ́mù irin-56, tí í ṣe púrótọ́ọ̀nù 26 àti niútírọ́ọ̀nù 30 kan náà, àmọ́ tí wọ́n ti so mọ́ra. Kókó yìí yóò fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ọ̀kan tó sọnù nínú wọn, iye wọn pé géérégé. Agbára ló jáde lára wọn nígbà tí wọ́n ń so pọ̀, agbára náà sì gbé ìwúwo tirẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí E = mc² ti fi hàn.

Ìyàtọ̀ ìwúwo yìí là ń pè ní àdínkù ìwúwo. Tí a bá sọ ọ́ di agbára, ó di agbára ìsopọ̀, ìyẹn agbára tí a gbọ́dọ̀ ná kí kókó náà tó lè tú pátápátá sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù lápapọ̀ ló ń jẹ́ núkílíọ́ọ̀nù. Tí a bá pín agbára ìsopọ̀ fún iye wọn, ìpín núkílíọ́ọ̀nù kan la rí yẹn, òun la sì fi ń mọ èyí tó so le jù nínú kókó méjì.

Ẹ wo ibi tí èyí ti hàn gbangba. Lẹ́tà u la fi ń wọn ìwúwo átọ́mù, MeV la sì fi ń wọn agbára. Átọ́mù haidirójìn lásán wúwo tó 1.007825 u, niútírọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1.008665 u, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 2.016490 u. Átọ́mù haidirójìn-2, tó ní púrótọ́ọ̀nù kan àti niútírọ́ọ̀nù kan nínú kókó rẹ̀, jẹ́ 2.014102 u péré. Ohun tó dín jẹ́ 0.002388 u, ìyẹn 2.224 MeV. Nígbà tí haidirójìn bá gba niútírọ́ọ̀nù tó ń rìn jẹ́jẹ́ mọ́ra, ìtànṣán gámà kan máa ń jáde, tí a bá sì wọn agbára rẹ̀, 2.223 MeV ni. Ìyókù bíńtín ni kókó tuntun náà fi ta sẹ́yìn, bí ìbọn ti í ta sẹ́yìn nígbà tí ọta bá jáde. Ìwúwo tó dín nínú ìwé ìṣirò ti di ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà.

Ohun tí ẹ nílò kó tó di pé ẹ gbé gègé

Ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà mẹ́ta nípa kókó náà. Z ni iye púrótọ́ọ̀nù, A ni iye gbogbo núkílíọ́ọ̀nù, N sì ni iye niútírọ́ọ̀nù, tí a rí nípa yíyọ Z kúrò nínú A. Fún irin-56, Z jẹ́ 26, A jẹ́ 56, N sì jẹ́ 30. Ẹ kọ N sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má fi sórí. Ẹni tó bá fi 56 sípò 30 nínú ìṣirò yóò rí àdínkù tó ju 26 u lọ, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Lẹ́yìn náà ni ìwúwo mẹ́ta: ti átọ́mù haidirójìn-1, ti niútírọ́ọ̀nù, àti ti átọ́mù tí ẹ ń ṣírò. Ti irin-56 jẹ́ 55.934936 u. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni èyí tó ń sọ u di agbára: 1 u jẹ́ 931.494 MeV.

Gbogbo ìṣirò náà kò ju ìlà kan lọ:

```
B = [Z × m(H) + N × m(n) − M] × 931.494
```

B ni agbára ìsopọ̀ ní MeV, m(H) ni ìwúwo átọ́mù haidirójìn, m(n) ni ti niútírọ́ọ̀nù, M sì ni ti átọ́mù náà látinú àtẹ ìwúwo átọ́mù. Ohun tó wà nínú àkámọ́ ni àdínkù ìwúwo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ haidirójìn, tí kì í ṣe púrótọ́ọ̀nù?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ó sì yẹ ká dúró lé e dáadáa. Kókó la fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ kì í kọ ìwúwo kókó. Ìwúwo átọ́mù odindi ló ń kọ, pẹ̀lú gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí kókó ká. Nọ́ńbà 55.934936 u tí a kọ sókè yìí, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 26 wà nínú rẹ̀. Tí a bá fi púrótọ́ọ̀nù 26 àti niútírọ́ọ̀nù 30 ṣe apá kìíní, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 26 wà lápá kan, kò sí ẹyọ kan lápá kejì. Ìfiwéra náà kò dọ́gba mọ́.

Átọ́mù haidirójìn ló ń tún un ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní púrótọ́ọ̀nù kan àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, nítorí náà átọ́mù haidirójìn 26 mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 26 wá pẹ̀lú ara wọn. Nígbà tí a bá yọ ìwúwo irin kúrò, 26 ti ọ̀hún á pa 26 ti ìhín rẹ́, ti kókó nìkan ni yóò sì kù. Ẹ kò ní láti mọ ìwúwo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ lo púrótọ́ọ̀nù, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.007276 u, lè lò ó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìlọ́po 26 ti 0.000549 u kúrò nínú ìwúwo átọ́mù irin. Ìdáhùn kan náà ni yóò dé. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí a da ọ̀nà méjèèjì pọ̀: púrótọ́ọ̀nù lápá kan, odindi átọ́mù lápá kejì.

Ohun kékeré kan wà tí ọ̀nà yìí kò pa rẹ́ tán. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà so mọ́ kókó wọn, ìsopọ̀ tiwọn sì ń dín ìwúwo átọ́mù kù díẹ̀. Ti irin le ju ti haidirójìn 26 tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, nítorí náà ìdáhùn wa fi nǹkan bí 0.034 MeV pọ̀ ju ti kókó gan-an lọ. Tí a bá pín in fún 56, kò tó 0.001 MeV. Fún átọ́mù ńlá bíi yùréníọ̀mù, ó súnmọ́ 0.76 MeV nínú àpapọ̀ tó lé ní 1800 MeV. Àwọn àtẹ pàápàá kì í yọ ọ́ kúrò, nítorí náà ìdáhùn yín àti tiwọn yóò bára mu.

Bí a ṣe ń ka ìwúwo látinú àtẹ

Àtẹ tí àwọn onímọ̀ ń lò kárí ayé ni AME, ìyẹn Atomic Mass Evaluation, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 sì ń jẹ́ AME2020. Ìlà irin-56 nínú fáìlì rẹ̀ rí báyìí, tí a bá yọ àwọn òpó kan kúrò, tí a sì gé nọ́ńbà wọn kúrú:

```
N   Z   A   EL
30  26  56  Fe   -60607.2   8790.4   55 934935.5
```

Ẹ wo ìparí ìlà náà. Àlàfo ló wà láàárín 55 àti 934935.5, kì í ṣe àmì dẹ́símà. Nọ́ńbà kejì jẹ́ ìdá mílíọ̀nù u. Láti rí ìwúwo, ẹ pín nọ́ńbà kejì fún mílíọ̀nù kan, kí ẹ sì fi kún ti àkọ́kọ́: 55 + 0.9349355, ìyẹn 55.934936 u tí a bá gé e sí mẹ́fà lẹ́yìn àmì. Bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà ka fáìlì náà, tí ẹ wá lẹ nọ́ńbà méjèèjì mọ́ra, irin lè jáde dáadáa kí haidirójìn sì bàjẹ́. Ìdí ni pé ti haidirójìn jẹ́ `1 007825.0`. Kọ̀ǹpútà yóò jù òdo méjì tó ṣáájú 7825 nù, ìwúwo haidirójìn á sì di 1.7825 u. Ìpín àti àròpọ̀ nìkan ló ń dáàbò bo àwọn òdo yẹn.

Bí ẹ bá rí àmì # níbi tó yẹ kí àmì dẹ́símà wà, ìyẹn ń sọ fún yín pé wọn kò tíì wọn áísótóòpù náà, ìyẹn oríṣi ẹ́límẹ́ǹtì kan tó ní iye niútírọ́ọ̀nù tirẹ̀, pé wọ́n fi ti àwọn tó yí i ká fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ má fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ dán ìṣirò yín wò.

Ìṣirò irin-56

Ẹ ṣe apá ti haidirójìn, kí ẹ ṣe ti niútírọ́ọ̀nù, kí ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ tó yọ ti irin:

```
26 × 1.007825 = 26.203450
30 × 1.008665 = 30.259950
àpapọ̀         = 56.463400
irin-56       = 55.934936
àdínkù        =  0.528464 u
```

Ẹ dúró wo àdínkù yìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó ju òdo lọ, fún gbogbo kókó tó bá ní ju núkílíọ́ọ̀nù kan lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ náà. Níbí, 0.528464 jẹ́ nǹkan bí 0.94 nínú ọgọ́rùn-ún ti 56.463400. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ó kù ká sọ ọ́ di agbára, ká sì pín in:

```
0.528464 × 931.494 = 492.26 MeV
492.26 ÷ 56        = 8.790 MeV
```

Iye núkílíọ́ọ̀nù, 56, la fi pín in, kì í ṣe ìwúwo 55.93, kì í sì í ṣe Z. Òpó kan nínú ìlà àtẹ tí a kà lókè kọ 8790.4, keV ni ìyẹn, tí í ṣe ìdá ẹgbẹ̀rún MeV, òun náà sì ni 8.790 MeV.

Ẹnì kan lè fẹ́ gba ọ̀nà gígùn: kó sọ u di kìlógíráàmù, kó fi eré ìmọ́lẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po lẹ́ẹ̀mejì, kó rí júùlù, kó tún sọ júùlù di MeV. Ìdáhùn kan náà ló ń bá pàdé, àmọ́ ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àyè tuntun láti ṣe àṣìṣe. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú 931.494.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń tú, àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ìṣòro ìṣirò yìí ni pé nọ́ńbà ńlá méjì tó fẹ́ẹ̀ dọ́gba la ń yọ kúrò lára wọn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ bí fìlà ṣe wúwo tó, tó wọn ara rẹ̀ pẹ̀lú fìlà, tó sì tún wọn ara rẹ̀ láìdé fìlà. Àṣìṣe díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n lè ju fìlà náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá gé gbogbo ìwúwo sí nọ́ńbà méjì péré lẹ́yìn àmì. Haidirójìn di 1.01, niútírọ́ọ̀nù náà di 1.01, irin di 55.93. Àpapọ̀ jẹ́ 56.56, àdínkù di 0.63 u, agbára ìsopọ̀ di 586.8 MeV, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di 10.48 MeV. Tí a bá gé wọn sí mẹ́rin, 8.798 la ó rí. Èyí súnmọ́ òótọ́, àmọ́ kò tíì tó, bí a ó ti rí i láìpẹ́. Ẹ mú nọ́ńbà mẹ́fà dání lẹ́yìn àmì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí àdínkù bá jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè gé e bó ṣe wù yín. Ẹni tó bá lo 931.5 dípò 931.494 kò ṣe ohun búburú kankan, torí pé ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí ìpín irin-56 kò tó 0.0001 MeV. Ìwúwo ló ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Àṣìṣe kejì máa ń wá láti inú àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n kọ 55.845 síbẹ̀ fún irin. Ìyẹn kì í ṣe ìwúwo irin-56. Ìwúwo àárín ni, tí a rí láti inú gbogbo áísótóòpù irin bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ayé, irin-54 sì wà lára wọn tó ń fà á wálẹ̀. Fi 55.845 sínú ìṣirò wa, àdínkù á di 0.618400 u, ìpín á sì di 10.29 MeV.

Bí a ṣe ń dá àṣìṣe méjèèjì yìí mọ̀ rọrùn: kò sí kókó kankan tí ìpín rẹ̀ dé 8.8 MeV. Èyíkéyìí tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ padà sórí ìwúwo tí ẹ lò. Láti kábọ́ọ̀nù-12, tí tirẹ̀ jẹ́ 7.680, títí dé yùréníọ̀mù-238, tí tirẹ̀ jẹ́ 7.570, àwọn áísótóòpù tó wọ́pọ̀ kì í jáde kúrò láàárín 7.4 àti 8.8. Àwọn kékeré nìkan ló ń lọ sílẹ̀: hílíọ́ọ̀mù-4 jẹ́ 7.074, haidirójìn-2 sì jẹ́ 1.112.

Àṣìṣe púrótọ́ọ̀nù ló burú jù, nítorí pé ó máa ń fara pamọ́. Bí a bá fi 1.007276 sípò haidirójìn, tí a kò sì yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára irin, àdínkù á di 0.514190 u, agbára á di 478.96 MeV, ìpín á sì di 8.553 MeV. Nọ́ńbà yìí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó wà láàárín ibi tó yẹ. Ohun tó ń tú u fó ni bí ó ṣe fi dín sí ti àtẹ: nǹkan bí 13.3 MeV nínú àpapọ̀, tí í ṣe ìlọ́po 26 ti 0.511 MeV, agbára ìwúwo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Bí ìdáhùn yín bá fi ìlọ́po Z ti 0.511 dín sí ti àtẹ, ẹ má wá ẹ̀bi síbòmíràn.

Ọ̀nà kejì láti fi yẹ ìdáhùn wò

Nọ́ńbà -60607.2 tó wà nínú ìlà àtẹ náà ń jẹ́ àlékún ìwúwo. Ẹ má ṣì í mú fún àdínkù ìwúwo. Ohun tó ń sọ ni bí ìwúwo átọ́mù ṣe yàtọ̀ sí nọ́ńbà A: a yọ 56 kúrò nínú 55.934936, a sì kọ ìyókù ní keV. Irin kò tó 56 u, ìdí nìyẹn tí àmì ìyọkúrò fi wà níwájú rẹ̀. Ti haidirójìn jẹ́ 7.28897 MeV, ti niútírọ́ọ̀nù sì jẹ́ 8.07132 MeV.

Nítorí pé A dọ́gba lápá méjèèjì, ó pa ara rẹ̀ rẹ́, a sì lè fi àlékún nìkan ṣe ìṣirò náà:

```
26 × 7.28897 = 189.5132
30 × 8.07132 = 242.1396
àpapọ̀        = 431.6528
431.6528 − (−60.6072) = 492.260 MeV
```

Ó bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọ̀nà yìí ló wù mí jù nígbà tí mo bá ní àtẹ lọ́wọ́, nítorí pé àwọn nọ́ńbà ńlá tó fẹ́ẹ̀ dọ́gba kò sí níbẹ̀ mọ́, gígé nọ́ńbà kò sì lè ṣe é níbi púpọ̀. Ewu rẹ̀ wà nínú àmì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn níparí. Yíyọ ohun tó dín sí òdo kúrò jẹ́ fífi kún un. Ẹni tó bá gbàgbé yóò kọ 371.05 MeV, ìpín á sì di 6.63, èyí tó kéré ju ti hílíọ́ọ̀mù-4 lọ. Irin kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Irin-56 tàbí nííkẹ́ẹ̀lì-62?

A sábà máa ń gbọ́ pé irin-56 ni kókó tó so le jù lọ. Ìṣirò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yìí lè dáhùn. Nííkẹ́ẹ̀lì-62 ní Z 28 àti N 34, ìwúwo átọ́mù rẹ̀ sì jẹ́ 61.928345 u:

```
28 × 1.007825 = 28.219100
34 × 1.008665 = 34.294610
àpapọ̀         = 62.513710
nííkẹ́ẹ̀lì-62   = 61.928345
àdínkù        =  0.585365 u
0.585365 × 931.494 = 545.264 MeV
545.264 ÷ 62       = 8.7946 MeV
```

Ti irin jẹ́ 8.7904. Nííkẹ́ẹ̀lì-62 fi nǹkan bí 0.004 MeV jù ú lọ, òun ló sì ga jù nínú gbogbo kókó tí a ti wọ̀n. Ẹ rántí pé nígbà tí a gé ìwúwo sí nọ́ńbà mẹ́rin, irin di 8.798: àṣìṣe gígé yẹn nìkan ti ju ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lọ. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà mẹ́fà.

Síbẹ̀, àwọn tó ń dárúkọ irin kò ṣàdédé sọ ọ́. Ẹ pín ìwúwo odindi átọ́mù fún A dípò àdínkù. Irin-56 yóò fún yín ní 0.998838 u fún núkílíọ́ọ̀nù kan, nííkẹ́ẹ̀lì-62 yóò fún yín ní 0.998844 u. Irin ló fúyẹ́ jù níbẹ̀. Niútírọ́ọ̀nù ló fa ìyàtọ̀ yìí: ó wúwo ju átọ́mù haidirójìn lọ, ó sì pọ̀ díẹ̀ sí i nínú nííkẹ́ẹ̀lì-62, 34 nínú 62, ju ti irin-56 lọ, tó jẹ́ 30 nínú 56. Nííkẹ́ẹ̀lì pàdánù púpọ̀ jù nínú ìsopọ̀, àmọ́ ohun tó wúwo jù ló fi bẹ̀rẹ̀. Agbára ìsopọ̀ ń bi wá pé kí ni yóò ná wa láti tú kókó náà sí púrótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù tirẹ̀ gan-an. Ìwúwo fún núkílíọ́ọ̀nù kan ń bi wá pé èwo ló fúyẹ́ jù bí niútírọ́ọ̀nù bá lè di púrótọ́ọ̀nù, tí púrótọ́ọ̀nù náà sì lè di niútírọ́ọ̀nù. Kí ẹ tó kọ irin tàbí nííkẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ẹ wo èwo nínú ìbéèrè méjèèjì ni wọ́n bi yín.